Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ "iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́" di àṣeyọrí tó ní nọ́ńbà nínú sífíì àtijọ́

Àbúrò mi kan gbé sífíì ẹ̀ wá bá mi, ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti kọ ọ́, ó ní kí n bá òun tún un ṣe torí òun ti fi ránṣẹ́ síbi tó pọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò pe òun. Iṣẹ́ sítókípà ló ṣe, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara mọ́tò pa mọ́. Ohun tó kọ sábẹ́ iṣẹ́ yẹn rèé, mo kàn dà á kọ ni:

- Mo ń gba ọjà wọlé, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò
- Mo ń kọ ọjà tó wọlé àtèyí tó jáde sínú ìwé
- Mo ń ka ọjà ní ìparí oṣù
- Mo ń kó ọjà fáwọn dírẹ́bà
- Mo ń rí i pé sítóò wà ní mímọ́
- Mo ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn fún mi

Ẹ wò ó dáadáa, kò sírọ́ ńbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n sítókípà tó mọṣẹ́ àti sítókípà tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, àwọn méjèèjì ló lè kọ ìlà mẹ́fà yìí láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ohun tí wọ́n gbà á fún ló wà ńbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó débẹ̀ ò sí ńbẹ̀ rárá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó wá ní "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ sítóò ni, àṣeyọrí wo ló fẹ́ wà ńbẹ̀, ṣé èmi ni mò ń ta ọjà ni?" Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í ṣe iṣẹ́ títa máa ń sọ nìyẹn, wọ́n rò pé nọ́ńbà ò sí fún wọn. Nọ́ńbà wà, a kàn ní láti wá a ni, ọ̀nà tá a gbà wá a ni mo fẹ́ to kalẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó máa bàjẹ́

Ẹ má tíì fọwọ́ kan sífíì yẹn. Ẹ mú pépà, ẹ kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi í léèrè pé: bí mo bá ṣe iṣẹ́ yìí jákujàku fún oṣù mẹ́ta, kí ló máa bàjẹ́, ta ló máa kọ́kọ́ pariwo? Ìbéèrè yìí dáa ju "kí ni àṣeyọrí rẹ" lọ, torí téèyàn bá gbọ́ àṣeyọrí, ààmì-ẹ̀yẹ tàbí ìwé ìgbóríyìn ló máa ń wá sí i lọ́kàn, bí kò bá sì rí ọ̀kankan gbà, á ní òun ò ní nǹkan kan láti sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ ló ní ohun tó lè bàjẹ́, ohun tó lè bàjẹ́ yẹn gan-an ló sì ṣeé kà.

A bi "mo ń ka ọjà ní ìparí oṣù". Ó ní bí òun bá kà á jákujàku, ohun tó wà nínú ìwé ò ní bá ohun tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù mu, wọ́n á ní ọjà wà kó tó di pé wọ́n débẹ̀ tí wọ́n ò rí i, kọ́sítọ́mà á máa bínú. Ó tán, a ti rí ohun tá a máa kà: oríṣi ọjà mélòó ni ìwé àti ṣẹ́ẹ̀fù ò ti bára mu nígbà tó dé, mélòó ló kù nígbà tó fẹ́ kúrò? Mo tún bi í pé ìgbà tí wọ́n bá ń ka ọjà, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ó ní rárá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n máa ń ti sítóò lóṣooṣù. Ìyẹn náà ṣeé kà.

A bi "sítóò wà ní mímọ́". Ó ronú títí, kò rí nǹkan kan tó yàtọ̀ láàárín ìgbà tó dé àti ìgbà tó kúrò. A fagi lé e. "Iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn fún mi" ò tiẹ̀ yẹ lóhun tá à ń bi léèrè, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú tiyín náà lónìí.

Kì í ṣe gbogbo ìlà ló máa di àṣeyọrí. Nínú mẹ́fà, bẹ́ ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta tó ní nǹkan nínú, ó tó. Ìlà mẹ́ta tó lágbára sàn ju mẹ́jọ tẹ́ ẹ fipá lẹ nọ́ńbà mọ́ lára lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ wá nọ́ńbà níbi tó wà

Ibí ló ti máa ń le, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti kúrò níbi iṣẹ́ yẹn. Àwọn èèyàn máa ń jókòó, wọ́n á dijú, wọ́n á máa gbìyànjú láti rántí. Iyè ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó dùn ún rántí ló máa ń gbé jáde. Ohun tẹ́ ẹ máa wá ni ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀: fọ́tò inú fóònù yín, ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù Wásáàpù ibi iṣẹ́, ìwé kékeré tẹ́ ẹ fi ń kọ nǹkan, kàlẹ́ńdà, títí kan ẹ̀dà ìwé tí ọ̀gá fi sọ pé ẹ ṣe dáadáa lọ́dún kan. Bẹ́ ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ó rọrùn, ẹ wo rípọ́ọ̀tù oṣooṣù kẹ́ ẹ sì kọ iye tó wà ńbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má kó fáìlì ibi iṣẹ́ lọ sílé o, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, ìyẹn lè dá wàhálà sílẹ̀ tó ju iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wá lọ.

Fún àbúrò mi, gúrúùpù Wásáàpù ló gbà wá sílẹ̀. Gbogbo ìparí oṣù ló máa ń ya fọ́tò ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé kíkà ọjà, á fi sínú gúrúùpù kí ọ̀gá lè rí i. Kò mọ̀ pé ẹ̀rí lòun ń kó pa mọ́. A yí i lọ sókè títí a fi dé oṣù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oríṣi ọjà tó wà ní sítóò yẹn jẹ́ 1,200, bí iye tí kò bára mu ṣe rí lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni 84, 79, àti 89. Lóṣù mẹ́ta tó lò kẹ́yìn, ó jẹ́ 33, 28, àti 29.

Bó ṣe rí i báyìí ojú ẹ̀ là. Ó wá rí oṣù kan láàárín tó jẹ́ 112, ó ní ká fi ìyẹn ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ká fi 28 ṣe ìparí, torí ó máa jẹ́ 75% géérégé. Mo ní kò ṣeé ṣe. Kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù yẹn? Ó ní oṣù tí wọ́n kó sítóò láti yàrá kan sí òmíràn ni, gbogbo nǹkan ló dàrú. Ó ti hàn. Oṣù tó burú jù lọ kì í ṣe ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, oṣù tó dáa jù lọ kì í sì ṣe ibi tó parí sí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ sítóò máa béèrè, ọ̀rọ̀ á sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ tìn-ín-rín lẹ́nu ẹ̀ ní ìntafíù. Ohun tá a ṣe ni pé a fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ wé oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, a kó wọn pọ̀ a sì pín in sí mẹ́ta: 252 pín sí mẹ́ta jẹ́ 84, 90 pín sí mẹ́ta jẹ́ 30. Oṣù mẹ́ta yìí ló máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ oṣù kan tó kàn ṣàdédé dáa tàbí tó ṣàdédé bàjẹ́.

Bí ẹ ò bá wá rí àkọsílẹ̀ gbogbo oṣù ńkọ́? Ẹ mú ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó jìnnà síra, kẹ́ ẹ kà á. Bá a ṣe ṣe ti ọjà tó kó fáwọn dírẹ́bà nìyẹn. Orúkọ dírẹ́bà àti iye ìwé tí wọ́n gbé wá máa ń wà nínú gúrúùpù nírọ̀lẹ́, a mú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan níparí. A rí 205, 190, àti 220. Ìṣirò ní 205 lọ́sẹ̀ kan, a kọ "bíi 200 lọ́sẹ̀" sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "bíi", ẹ má tijú láti lò ó, òun ló ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé ìṣirò lẹ ṣe. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dín in kù tàbí fi kún un kó lè rọrùn ún kà, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa dín in sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìṣirò, àti pàkúté tó wà nínú pásẹ́ǹtì

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Ẹ yọ iye ìparí kúrò nínú iye ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi iye ìbẹ̀rẹ̀ pín in. 84 yọ 30 kù 54, 54 pín sí 84 jẹ́ 0.64, ìyẹn 64%. Bẹ́ ẹ bá ní oríṣiríṣi nọ́ńbà, ẹ fi iye ìbẹ̀rẹ̀ sí B, iye ìparí sí C nínú Excel:

```
=(B2-C2)/B2
```

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kéèyàn fi iye ìparí pín in dípò iye ìbẹ̀rẹ̀. 54 pín sí 30 jẹ́ 180%, ohun tí kò sì ṣeé ṣe nìyẹn, àṣìṣe ò lè dín kù ju 100% lọ láéláé. Bẹ́ ẹ bá rí "mo dín in kù ní 180%" nínú sífíì èèyàn, ẹ ti mọ ibi tó ti ṣìnà.

Pàkúté kejì fara sin díẹ̀. 84 nínú 1,200 jẹ́ 7%. 30 nínú 1,200 jẹ́ 2.5%. Ṣé 4.5% ni àṣìṣe fi dín kù, àbí 64%? Méjèèjì ló wá látinú nọ́ńbà kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ yàtọ̀. Láti 7% sí 2.5%, 4.5 ló yọ kúrò nínú 7 yẹn, tẹ́ ẹ bá wá fi wé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ ní 64%. Bó bá kọ "mo dín àṣìṣe kù ní 4.5%", ó ti rẹ́ ara ẹ̀ jẹ, ẹni tó ń kà á á rò pé 84 ló di 80. Bó bá sì kọ 64% lásán láìsọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹni náà lè máa ronú pé ṣé mẹ́ta ló di ọ̀kan ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kéèyàn kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé, "láti 7% sí 2.5%", kó fi ẹni tó ń kà á sílẹ̀ kó fojú ara ẹ̀ rí i. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Bí nọ́ńbà bá kéré gan-an, ẹ fi pásẹ́ǹtì sílẹ̀ pátápátá. Kọ́sítọ́mà méjì tó di mẹ́rin, òótọ́ ni pé ó fi 100% pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè iye ẹ̀ lọ́wọ́ yín á rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ "láti méjì sí mẹ́rin". Bí ibi iṣẹ́ yín ò bá sì fẹ́ kí iye ọjà tàbí owó wọn jáde, ibẹ̀ gan-an ni pásẹ́ǹtì ti wúlò, ẹ lè sọ bó ṣe pọ̀ sí i tó láìsọ iye tó jẹ́.

Ti àkókò náà rọrùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ti sítóò tẹ́lẹ̀, ó wá di ọjọ́ kan. Ọjọ́ méjì ló dín kù lóṣù kan, ìgbà méjìlá lọ́dún, ọjọ́ 24. Ọjọ́ 24 tí sítóò fi wà ní ṣíṣí lọ́dún kan! Òun fúnra ẹ̀ ò tíì ṣe ìsọdipúpọ̀ yẹn rí, ọjọ́ méjì péré ló ń rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí lẹ ṣe gan-an, tí nǹkan fi yí padà?

Nọ́ńbà tí kò ní ìdí dà bí irọ́. Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ní nígbà tóun dé, ìparí oṣù nìkan ni wọ́n ń ka ọjà, bí nǹkan bá sọ nù lọ́jọ́ kẹta oṣù, ọjọ́ ọgbọ̀n ni wọ́n tó máa mọ̀, kò sì ní sẹ́ni tó rántí mọ́. Òun wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríṣi ọjà 60 láràárọ̀ kí àwọn dírẹ́bà tó dé, ọjọ́ iṣẹ́ 20 nínú oṣù, 60 lọ́nà 20 jẹ́ 1,200, gbogbo sítóò ti pé. Bí nǹkan ò bá bára mu nínú 60 tó kà láàárọ̀, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa wò ó, kò ní dúró dé ìparí oṣù. Ohun kejì ni pé dírẹ́bà tó bá ń kánjú máa ń gbé ọjà kí wọ́n tó kọ ìwé, òun ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan jáde láìfọwọ́ sí ìwé. Wọ́n bá a jà lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó mọ́ wọn lára.

Àṣeyọrí rèé, èèyàn yìí sì kọ "mo ń ka ọjà ní ìparí oṣù" sí i!

Ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín kẹ́ni tó ń gbani síṣẹ́ tó bi yín: ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é, àbí nǹkan mìíràn? Ó yà mí lẹ́nu nígbà tó ní lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ra sọ́fútúwià tuntun fún sítóò. Háà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló dín àṣìṣe kù, kì í ṣe òun. A padà sínú gúrúùpù, a wo oṣù tí sọ́fútúwià dé, iye tó wà ńbẹ̀ lóṣù tó ṣáájú ẹ̀ jẹ́ 41. Ìyẹn ni pé láti 84, ó ti wá sílẹ̀ sí 41 kí kọ̀ǹpútà tó dé, kọ̀ǹpútà wá bá a dé 30. Bí ẹ ò bá lè ya tiyín sọ́tọ̀ báyìí, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "èmi àti èèyàn méjì ló ṣe é, apá tèmi ni báyìí". "Mo wà lára àwọn tó" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kẹ́ni mẹ́rin tó ṣiṣẹ́ papọ̀ jáde, kí kálukú kọ pé òun nìkan lòun ṣe gbogbo ẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí méjì nínú wọn wá iṣẹ́ síbì kan náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kíkọ ọ́

Ohun tó yí padà ló máa ṣáájú, bẹ́ ẹ ṣe ṣe é á tẹ̀ lé e, bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó á gbẹ̀yìn bó bá pọn dandan. Kò gbọ́dọ̀ ju ìlà méjì lọ nínú pépà. Àkọ́kọ́ tó kọ rèé: "Mo jẹ́ kí kíkà ọjà túbọ̀ dáa sí i gan-an nípa lílo ọgbọ́n tuntun." Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, "túbọ̀ dáa" àti "ọgbọ́n tuntun" lè jẹ́ ohunkóhun. Ìkejì: "Mo dín àṣìṣe kù láti 84 sí 30, láti 7% sí 2.5%, ìyẹn 64%, nínú oríṣi ọjà 1,200, nípa kíka 60 lójúmọ́ fọ́jọ́ 20." Ó ti wá pọ̀ jù, ẹni tó ń kà á á kàn fò ó. Nọ́ńbà méjì sí mẹ́ta ló tó fún ìlà kan, ìyókù ẹ fi pa mọ́ dìgbà ìntafíù. Ohun tó padà jáde nìyí:

- Mo dín ọjà tí ìwé àti ṣẹ́ẹ̀fù ò bára mu kù láti 7% sí 2.5% nínú oríṣi ọjà 1,200, torí mo sọ kíkà oṣooṣù di kíkà díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀ kí sọ́fútúwià tuntun tó wá kún un
- Mo dín ọjọ́ tí sítóò fi ń wà ní títì fún kíkà ọjà kù láti mẹ́ta sí ọ̀kan lóṣù, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 24 lọ́dún
- Mo kó ọjà fáwọn dírẹ́bà, bíi ìwé 200 lọ́sẹ̀, mo sì fi òfin fífọwọ́ síwèé kí ọjà tó jáde lélẹ̀

Ẹ rí i pé ìlà kẹta ò ní ìyípadà kankan tá a kà. 200 lọ́sẹ̀ kì í ṣe àṣeyọrí, ó kàn ń sọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń ṣi èyí mú, wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ iṣẹ́ ojúmọ́, wọ́n á ní ó ti di àṣeyọrí. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ nílò láti mọ̀ bóyá sítóò kékeré ló ti wá àbí èyí tó ń gbóná. Gbígba ọjà wọlé àti kíkọ sínú ìwé, a yọ méjèèjì, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ sítókípà tí ò mọ̀ pé wọ́n wà ńbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn, kò bá tiẹ̀ mu ṣùgbọ́n ó lè bá tiyín mu: bí nǹkan ò bá yí padà, ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ pọ̀ sí i tí ẹ ò sì pọ̀ sí i. Bí iṣẹ́ bá fi ìdajì pọ̀ sí i, tó jẹ́ pé èèyàn méjì kan náà lẹ ṣì jẹ́, tí nǹkan ò sì bàjẹ́, ẹ kọ ọ́. "Kò bàjẹ́" náà ṣeé kà.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: ẹ dán an wò lẹ́nu

Kó tó fi ránṣẹ́, mo jókòó síwájú ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìntafíù, mo mú ìlà kọ̀ọ̀kan, mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: báwo lo ṣe mọ iye yẹn, kí lo ṣe gan-an, kí ni ì bá ti ṣẹlẹ̀ bó ò bá sí ńbẹ̀? Ìlà kìíní, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ ìtàn, ó tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ dírẹ́bà tó bá a jà kún un. Ìlà kejì náà dáa. Nígbà tá a dé ìlà kẹta, mo ní "òfin fífọwọ́ síwèé yẹn, ìwọ lo gbé e kalẹ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọ̀gá òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, òun lòun kàn rí i pé wọ́n tẹ̀ lé e.

A pa "fi lélẹ̀" rẹ́, a kọ "mo rí i dájú pé wọ́n ń tẹ̀ lé òfin fífọwọ́ síwèé". Ó wá kó gbogbo fọ́tò tá a lò àti pépà tá a ti ṣe ìṣirò sí fódà kan nínú fóònù ẹ̀, ó fi orúkọ oṣù àti ọdún sí i, torí bí wọ́n bá pè é lẹ́yìn oṣù méjì, kò ní rántí pé 84 yẹn jẹ́ oṣù mẹ́ta tá a pín.